Ẹ Ka Ilẹ̀ Ná Kí Ẹ Tó Ra Bàbà: Ètò Ẹ́ẹ̀tì fún Ilé Ọ́fíìsì Alájà Márùn-ún ní Ìkòròdú

Lórí ọ̀pọ̀ ilé ọ́fíìsì tí wọ́n ń kọ́ ní Ìkòròdú, ìwé iṣẹ́ ti pàṣẹ kí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkan kan wọn ilẹ̀: ìdènà ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bó ṣe le tó fún iná láti gba irin tí a rì sílẹ̀ wọ inú ilẹ̀, kò gbọdọ̀ ju 1 Ω lọ. Oníṣẹ́ iná á gbá ọ̀pá mẹ́ta wọlẹ̀, á da iyọ̀ àti èédú sí ìdí wọn, á wọ̀n wọ́n, yóò sì rí i pé òun kò tíì sún mọ́ 1 Ω rárá. Á tún gbá mẹ́ta sí i. Owó ń lọ, bàbà ń wọlẹ̀, nọ́ńbà kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó fa gbogbo wàhálà yìí ni pé wọn kò bi ilẹ̀ léèrè kí wọ́n tó fi ètò lé e lórí. Tí ẹ bá mọ ìdènà ilẹ̀, tí ẹ sì mọ bó ṣe pín sí ìpele ìpele, ẹ ó mọ gígùn ọ̀pá tó yẹ, ẹ ó mọ ibi tí nọ́ńbà lè sọ̀ dé, ẹ ó sì mọ ibi tí kò lè kọjá láéláé lórí ilẹ̀ náà.

Ilé kan ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jẹ́ ká gbé e sí apá Òdógúnyàn, lójú ọ̀nà Ṣagámù, níbi tí ilẹ̀ ti ga, tí ó pupa, tí yangí sì wà lókè. Ilé náà gùn ní 30 mítà, ó fẹ̀ ní 20 mítà, àjà márùn-ún ló ní, tiransifọ́mà tirẹ̀ wà ní igun ọgbà, jẹnẹrétọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn nọ́ńbà ilẹ̀ tí màá lò jẹ́ ti àpẹẹrẹ. Ẹ má ṣe kọ wọ́n sínú ìwé iṣẹ́ tiyín, nítorí ilẹ̀ Ìjẹ̀dẹ́ àti Báyẹ̀kú tó sún mọ́ ọ̀sà kò jọ ilẹ̀ Òdógúnyàn, kódà ọgbà méjì tó fara kanra lè yàtọ̀.

Ohun méjì tí a kò gbọdọ̀ dà pọ̀

Ìdènà ilẹ̀, tí a ń fi àmì ρ kọ, jẹ́ ìwà ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Óòmù-mítà, Ω·m, la fi ń kà á. Yálà ẹ gbá ọ̀pá wọ inú rẹ̀ tàbí ẹ kò gbá a, ìwà náà wà níbẹ̀. Ìdènà ẹ́ẹ̀tì, R, ni ohun tí ọ̀pá tàbí okùn bàbà tí ẹ rì sínú ilẹ̀ yẹn mú jáde, óòmù lásán sì ni a fi ń kà á. Ilẹ̀ kan náà lè fún ọ̀pá kúkúrú ní 400 Ω, kó sì fún ọ̀pá gígùn ní 40 Ω. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé "ilẹ̀ yìí jẹ́ 40 óòmù" kò tíì sọ ohun kan nípa ilẹ̀ náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: wíwọn ilẹ̀

Ọ̀nà Wenner ni ọ̀pọ̀ wa ń lò, ó sì dára. Píìnì irin mẹ́rin la máa tò sórí ìlà gígùn kan, kí ìjìnnà àárín wọn dọ́gba. Ìjìnnà yẹn la pè ní a. Píìnì méjì tó wà lẹ́yìn òde ń gbé iná wọlẹ̀, àwọn méjì tó wà láàárín sì ń ka fólítì. Tẹ́sítà ẹ́ẹ̀tì olójú mẹ́rin á fi iná náà pín fólítì fúnra rẹ̀, á sì fi R hàn yín lójú rẹ̀. Ẹ ó wá fi R náà wá ìdènà ilẹ̀:

```
ρ = 2 × π × a × R
```

Ìṣirò yìí kò gbà kí píìnì wọlẹ̀ jù. Kó má ju ìdá kan nínú ogún a lọ. Tí a bá jẹ́ 1 mítà, 5 sẹ̀ǹtímítà péré ni píìnì gbọdọ̀ wọlẹ̀. Ibí yìí ni àwọn ọmọṣẹ́ ti máa ń ṣìṣe: wọ́n á gbá píìnì dé ọrùn nítorí kó lè dúró dáadáa, nọ́ńbà àkọ́kọ́ á sì ti yẹ̀. Tí ilẹ̀ bá gbẹ tí píìnì kò di ilẹ̀ mú, omi díẹ̀ ni kí ẹ bù sí ìdí rẹ̀, ìwọ̀nba tí á fi rin ibi tí irin ti kan ilẹ̀. Ẹ má ṣe da kẹ́ẹ̀gì omi kan lé e.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1 mítà, kí ẹ máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 2, 4, 8, 16. Ní 16 mítà, ìlà náà ti gùn tó 48 mítà láti píìnì àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ẹ sì nílò àyè. Ẹ wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó mọ odi yí ọgbà ká tí ẹ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ìlà kejì tó dábùú ti àkọ́kọ́. Ìlà kejì yìí ni ẹlẹ́rìí yín. Tí ìlà méjèèjì bá sún mọ́ra wọn, ẹ lè gbà wọ́n gbọ́. Tí nọ́ńbà kan bá ṣàdédé já bọ́ nínú ọ̀kan, bóyá ó yẹ kó jẹ́ nǹkan bí 290 ṣùgbọ́n ẹ rí 120, tí ìlà kejì kò sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ wò yíká. Ó ṣeé ṣe kí páìpù irin, wáyà abẹ́ ilẹ̀ tàbí fẹ́ǹsì onírin máa bá ìlà yín lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì máa gba iná mọ́ ilẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ yí ìlà náà kí ó dábùú irin ọ̀hún, kí ẹ sì tún un wọ̀n. Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà burúkú kún ti gidi kí ẹ wá pín in sí méjì.

Oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta ló dára jù láti wọn ilẹ̀ ní Ìkòròdú, nígbà tí òkè ilẹ̀ bá ti gbẹ. Tí iṣẹ́ bá bọ́ sínú oṣù Kẹfà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé inú òjò lẹ ti wọ̀n ọ́n. Ìdí rẹ̀ á hàn láìpẹ́.

Èyí ni ohun tí ilẹ̀ àpẹẹrẹ wa sọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn:

| a (mítà) | R tí tẹ́sítà kà (Ω) | ρ tó jáde (Ω·m) |
|---|---|---|
| 1 | 91.5 | 575 |
| 2 | 38.1 | 479 |
| 4 | 11.6 | 291 |
| 8 | 3.50 | 176 |
| 16 | 1.53 | 154 |

Ìgbésẹ̀ kejì: kíka ohun tí ilẹ̀ sọ

Ìhín ni iṣẹ́ gan-an wà. Àṣà kan ti gbilẹ̀ pé kí a kó márààrún pọ̀, kí a pín wọn sí márùn-ún, kí a sì pè é ní ìdènà ilẹ̀. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, ẹ ó rí 335 Ω·m. Kò sí ibì kankan nínú ilẹ̀ yìí tó jẹ́ 335. Òkè le jù ú lọ dáadáa, ìsàlẹ̀ sì rọ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po méjì. Ètò tí ẹ bá gbé ka orí 335, orí ilẹ̀ tí kò sí lẹ gbé e kà.

Àṣìṣe kejì ni láti rò pé nọ́ńbà tó wà ní 8 mítà ni ìdènà ilẹ̀ tó wà ní ìjìnlẹ̀ 8 mítà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí a bá ti ń fa píìnì jìnnà síra, iná ń lọ jìn sí i, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gba òkè kọjá kó tó dé ìsàlẹ̀. Àdàpọ̀ ni gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú tábìlì yẹn: òkè ló pọ̀ jù nínú ti 1 mítà, ìsàlẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ti 16 mítà. Iṣẹ́ wa ni láti tú àdàpọ̀ náà sí ìpele.

Ẹ fà á sórí bébà gíráàfù: a sí ìsàlẹ̀, ρ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ ó rí ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ lókè ní apá òsì, tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó sì wá ń tẹ́jú lápá ọ̀tún. Ìrísí yẹn nìkan ti sọ ohun pàtàkì: òkè le sí iná, ìsàlẹ̀ rọ̀ sí i. Ọ̀pá tó gùn á sì ṣiṣẹ́ fún yín. Ká ní ìlà náà ń gòkè ni, tí ilẹ̀ òkè tutù tí ìsàlẹ̀ sì le, ọ̀pá gígùn á jẹ́ òfò. Bàbà tí a tẹ́ gbọọrọ sókè ni ẹ ó lò. Tí ó bá sì sọ̀ kalẹ̀ tó tún gòkè padà, ìpele mẹ́ta ni, ẹ nílò ètò kọ̀ǹpútà láti tú u.

Ìpele méjì la ní níbí. Níbi tí ìlà ti fẹ́ tẹ́jú lápá òsì, ẹ fi ojú inú fà á padà díẹ̀ kọjá 575. Ó ń lọ sí nǹkan bíi 600. Ẹ jẹ́ ká pe òkè ní ρ1 = 600 Ω·m. Lápá ọ̀tún, láti 176 sí 154, ó fẹ́ dúró. Ó ń lọ sí nǹkan bí 150. Ẹ jẹ́ ká pe ìsàlẹ̀ ní ρ2 = 150 Ω·m. Ìsàlẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́rin òkè.

Ó ku ibi tí òkè parí sí, ìyẹn h. Àwọn ìlà Sunde, gíráàfù ilẹ̀ onípele méjì tó wà nínú ìwé ìlànà IEEE 80, ni ẹ ó fi wá a. Fún ilẹ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́rin òkè, nígbà tí a bá dọ́gba pẹ̀lú h, ìdènà tó hàn á jẹ́ nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ρ1. Nígbà tí a bá jẹ́ ìlọ́po méjì h, á jẹ́ nǹkan bí ìdá 48 àtààbọ̀. Ìdá 80 nínú 600 jẹ́ 480, a sì rí 479 ní 2 mítà. Nítorí náà h jẹ́ 2 mítà. Ìdá 48 àtààbọ̀ nínú 600 jẹ́ 291, a sì rí i ní 4 mítà, tó jẹ́ ìlọ́po méjì 2. Ẹ̀rí méjì fi ẹnu kò. Ní pápá gidi, wọn kì í fẹnu kò geere báyìí. Tí ọ̀kan bá sọ 1.8 tí èkejì sì sọ 2.3, ẹ mú èyí tó jìn jù, kí ọ̀pá yín lè dájú pé ó kọjá òkè.

Ilẹ̀ wa ti wá di ohun tí a lè sọ ní gbólóhùn kan: yangí tó le, 600 Ω·m, ní 2 mítà àkọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ tó tutù jù ú lọ, 150 Ω·m, títí lọ sísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: gígùn ọ̀pá

Ìdènà ọ̀pá kan tó dúró ṣánṣán nínú ilẹ̀ ni:

```
R = ρ / (2πL) × [ ln(8L/d) − 1 ]
```

L ni gígùn rẹ̀, d ni ìbú rẹ̀. Ọ̀pá tó wọ́pọ̀ lọ́jà jẹ́ 1.2 mítà, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 16 mílímítà, a sì lè so wọ́n mọ́ra pẹ̀lú ìdè onírin tí a ń yí. Tí ọ̀pá bá gba ìpele méjì kọjá, ρ tí a ó lò kì í ṣe ti òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ nìkan. Ẹ pín gígùn tó wà nínú ìpele kọ̀ọ̀kan sí ìdènà ìpele náà, ẹ kó wọn pọ̀, kí ẹ sì fi àpapọ̀ náà pín gbogbo gígùn. Ọ̀nà ìsúnmọ́ ni, ṣùgbọ́n ó tó fún ètò. Fún ọ̀pá 6 mítà: 2 pín sí 600, 4 pín sí 150, àpapọ̀ wọn jẹ́ 0.03, 6 pín sí 0.03 jẹ́ 200 Ω·m.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ ṣe ń fi ọ̀pá kan kún ìkan ní ojú kan náà. Ọ̀pá kan ṣoṣo, 1.2 mítà, á fún yín ní nǹkan bí 430 Ω. Méjì, 162. Mẹ́ta, 74. Mẹ́rin, 49. Márùn-ún, tí í ṣe 6 mítà, 37. Ìdínkù tó wà láàárín ọ̀pá kìíní àti ìkẹta ló tóbi jù, nítorí ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀pá ti já bọ́ kúrò nínú yangí sínú ilẹ̀ tútù. Lẹ́yìn karùn-ún, èrè ti ń kéré. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń dúró.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ òjò. Ká ní inú òjò lẹ wọn ilẹ̀ yìí, tí òkè rẹ̀ sì hàn bíi 300 dípò 600. Ọ̀pá kúkúrú 1.2 mítà á dà bíi 215 Ω lójú yín, ẹ̀ẹ̀rùn á sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n ẹ gbé òkè dé 1,200 Ω·m, ìyẹn ẹ̀ẹ̀rùn tó le gan-an: ọ̀pá 6 mítà á kúrò ní 37 lọ sí 39 péré. Nítorí èyí ni mo ṣe ń bá àwọn tó ń fẹ́ ọ̀pá kúkúrú púpọ̀ jà. Ọ̀pá kúkúrú mẹ́wàá ń gbé nínú ilẹ̀ tí ojú ọjọ́ ń darí. Ọ̀pá gígùn kan ń gbé nísàlẹ̀ rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ inú òjò nìkan lẹ rí àyè wọ̀n, ẹ sọ ρ1 di ìlọ́po méjì, ẹ fi ρ2 sílẹ̀, kí ẹ tún ìṣirò ṣe. Tí ètò yín bá ṣì dúró, ó dára.

Yangí kì í gba ọ̀pá wọlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ̀. Tí ẹ bá rí i pé orí ọ̀pá ti ń fẹ̀ bí olú lábẹ́ òòlù, tí ọ̀pá kò sì lọ, ẹ dá ọwọ́ dúró. Ẹ fi ẹ̀rọ ìluhò ọlọ́wọ́, irú èyí tí àwọn agbẹ́kànga ń lò, lu òkè kọjá, kí ẹ ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, kí ẹ wá gbá ìyókù. Ihò tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, amọ̀ bẹ́ńtónáìtì tí a po mọ́ omi ni kí ẹ fi dí i. Mi ò fọwọ́ sí iyọ̀. Òjò á fọ̀ ọ́ lọ, nọ́ńbà tó gbé wá á bá a lọ, kó tó lọ yóò sì ti jẹ bàbà ara ọ̀pá.

Ẹ wọn ọ̀pá náà lẹ́yìn gbogbo ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí nọ́ńbà yín bá tẹ̀lé ìtẹ̀léra 430, 162, 74, 49, 37 tàbí ohun tó jọ ọ́, ilẹ̀ ń jẹ́rìí pé ẹ kà á dáadáa. Tí ọ̀pá kẹrin bá wọlẹ̀ tí nọ́ńbà sì dúró lójú kan, ó ṣeé ṣe kí ìdè ti tú lábẹ́ ilẹ̀, òòlù sì kàn ń ti ọ̀pá ìsàlẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n so mọ́ra. Ẹ fà á jáde nígbà tó ṣì ṣeé fà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: òrùka bàbà, àti ibi tí nọ́ńbà kò lè kọjá

Ọ̀pá kan kò tó fún ilé yìí. Òrùka ni a ó fi yí i ká: okùn bàbà lásán, 70 mílímítà oníhàmẹ́rin, ní ìjìnlẹ̀ 0.8 mítà, ní 1 mítà sí ògiri òde. IEC 62305, ìwé ìlànà ìdáàbòbò lọ́wọ́ àrá, fẹ́ kó jìn tó 0.5 mítà ó kéré tán. Mo fi kún un kí ṣọ́bìrì àwọn olùtọ́jú ọgbà má bàa kàn án. Òrùka náà á jẹ́ 32 sí 22 mítà, gígùn rẹ̀ jẹ́ 108 mítà, ilẹ̀ tó yí ká jẹ́ 704 mítà oníhàmẹ́rin. Lórí òrùka, ọ̀pá méjìlá tó gùn ní 6 mítà, 9 mítà sí ara wọn. Àyè àárín ọ̀pá gbọdọ̀ tó gígùn ọ̀pá, ó kéré tán, nítorí ọ̀pá tó súnmọ́ra ń bá ara wọn du ilẹ̀ kan náà. Ẹ má ṣe pín 37 sí méjìlá kí ẹ pè é ní 3.1 Ω, ìṣirò inú ìwé ìlànà ẹ́ẹ̀tì BS 7430, tó ka ìjà yẹn mọ́ ọn, gbé e sí nǹkan bíi 4.3 Ω fún ọ̀pá nìkan, kí òrùka tó wọ̀ ọ́.

Fún òrùka àti ọ̀pá pọ̀, ìṣirò kúkúrú yìí tó:

```
R = (ρ/4) × √(π/A) + ρ/L
```

A ni ilẹ̀ tí òrùka yí ká, L ni gbogbo gígùn bàbà tó wà nínú ilẹ̀: 108 òrùka pẹ̀lú 72 ọ̀pá, 180 mítà. Níwọ̀n bí òrùka ti fẹ̀ ju ìjìnlẹ̀ òkè lọ lọ́nà púpọ̀, tí ọ̀pá sì wọ ìsàlẹ̀, 150 la ó lò fún ρ. Apá kìíní jẹ́ 2.5 Ω, apá kejì jẹ́ 0.8 Ω. Àpapọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 3.3 Ω. Òrùka fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú yangí, nítorí náà màá retí láàárín 3 àti 4.

Ẹ wo apá kìíní yẹn dáadáa. Kò sí L nínú rẹ̀. Bí ẹ bá kó gbogbo bàbà tó wà ní ọjà Aláàbà wá, kí ẹ fi kún inú òrùka yìí títí kò fi sí àyè mọ́, apá kejì nìkan ló máa dínkù. 2.5 á dúró síbẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹ ní ló pinnu rẹ̀. Láti dé 1 Ω lórí ilẹ̀ 150 Ω·m, ẹ nílò òrùka tó yí nǹkan bí 4,400 mítà oníhàmẹ́rin ká, ìlọ́po mẹ́fà ohun tí a ní. Ọgbà náà kò tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí agbaṣẹ́ṣe bá wá sọ pé òun fẹ́ fi ọ̀pá ogún kún un kí 1 Ω lè jáde, ẹ fi ìlà yìí hàn án.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ǹjẹ́ a nílò 1 Ω?

Ẹ bi ẹni tó kọ ọ́ léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Fún àrá, IEC 62305 dámọ̀ràn 10 Ω tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀. A ti wà lábẹ́ rẹ̀. Fún bíréékà inú ilé, nígbà tí tiransifọ́mà bá jẹ́ tiyín, tí wáyà ẹ́ẹ̀tì sì bá wáyà iná rìn láti ibẹ̀ dé gbogbo àjà, iná àléébù, ìyẹn iná tó já kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, á gba wáyà padà, kì í ṣe ilẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí bíréékà já ni ìdènà wáyà yẹn. Ìyẹn la gbọdọ̀ ṣírò.

Ibì kan tí nọ́ńbà ilẹ̀ ti ṣe pàtàkì gidi ni apá 11 kV tiransifọ́mà. Ẹ gba iye iná àléébù tó lè wọlẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń pín iná, ẹ fi ìdènà ẹ́ẹ̀tì sọ ọ́ di púpọ̀. Tí wọ́n bá ní 300 ámpíà, ó dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bí 1,000 fólítì lórí 3.3 Ω, títí bíréékà wọn yóò fi já. Tí níútírà inú ilé bá wà lórí ẹ́ẹ̀tì kan náà, fólítì yẹn á bá níútírà àti gbogbo ara irin inú ilé gòkè. Tí ó bá ju ohun tí àkókò jíjá bíréékà gbà láàyè, ẹ ya ẹ́ẹ̀tì ara tiransifọ́mà kúrò lára ti níútírà, kí ẹ fi àyè sí àárín wọn, tàbí kí bíréékà wọn tètè máa já. Ìpinnu ẹnjiníà tó nímọ̀ ni èyí, ẹ má ṣe fi sílẹ̀ fún ọmọṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: irin ìpìlẹ̀

Tí ìpìlẹ̀ ilé alájà márùn-ún yìí bá wọ 2 mítà kọjá, irin rẹ̀ á wà létí tàbí nínú ilẹ̀ rírọ̀ tí à ń wá. Kọnkéré tó wà lábẹ́ ilẹ̀ máa ń mu omi, ó sì ń gbé iná. Ẹ so irin ìpìlẹ̀ mọ́ra wọn dáadáa ní ìlà kan tó yí gbogbo ilé ká, ẹ wẹ́ẹ̀dì wọn tàbí kí ẹ lo ìdè tí a ṣe fún un. Wáyà tí àwọn oníirin fi ń di irin lásán kò tó fún ìlà yìí. Ẹ mú ìrù jáde ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ so wọ́n mọ́ òrùka. Iṣẹ́ yìí gbọdọ̀ parí kí wọ́n tó da kọnkéré. Tí wọ́n bá tẹ́ nálọ́ọ̀nù sábẹ́ gbogbo ìpìlẹ̀, irin náà kò kan ilẹ̀ mọ́, ẹ má kà á mọ́ ìṣirò.

Ìgbésẹ̀ keje: kí gbogbo irin di ọ̀kan

Ẹ gbé páálí bàbà ńlá kan, ìyẹn bàbà pẹlẹbẹ tí àwọn wáyà ẹ́ẹ̀tì ti ń pàdé, sí yàrá iná ìsàlẹ̀. Láti ibẹ̀, wáyà ẹ́ẹ̀tì kan á gòkè dé páálí kékeré ní àjà kọ̀ọ̀kan. Páìpù omi, irin lífìtì, ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, gbogbo wọn á so mọ́ páálí tó sún mọ́ wọn. Wáyà àrá tó ń sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri á wọ òrùka tààrà. Níútírà á kan ẹ́ẹ̀tì ní ojú kan ṣoṣo. Tí ó bá tún kàn án ní àjà kẹta, iná iṣẹ́ á máa rìn lórí páìpù yín lójoojúmọ́.

Àwọn kan máa ń béèrè ẹ́ẹ̀tì "mímọ́" fún yàrá sẹ́fà, ibi tí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá ọ́fíìsì wà: ọ̀pá tirẹ̀, tí kò kan ti ilé. Ẹ má ṣe é. Ẹ ṣírò rẹ̀: tí àrá 20,000 ámpíà bá bọ́ sórí 3.3 Ω, ẹ́ẹ̀tì ilé á gòkè dé nǹkan bí 66,000 fólítì fún ìṣẹ́jú àáyá tó kéré jọjọ. Tí ẹ́ẹ̀tì sẹ́fà bá dá wà, ó ṣì wà nítòsí òdo. Ìyàtọ̀ yẹn á wá ọ̀nà, inú ẹ̀rọ sẹ́fà ló sì máa gbà. Tí wọ́n bá so pọ̀, gbogbo wọn á gòkè papọ̀, wọn á sọ̀ papọ̀, kò sí fólítì láàárín wọn. Kódà 1 Ω kò ní gba sẹ́fà yẹn là bí wọ́n bá yà á sọ́tọ̀. Iná tó gba wáyà òde wọlé, ẹ̀rọ ìdáàbòbò tó ń já ìgbì àrá sí ẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi dè é lẹ́nu ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: wíwọn iṣẹ́ tó parí

Ẹ wọ̀n ọ́n kí iléeṣẹ́ iná tó so yín pọ̀, nígbà tí òrùka kò tíì kan níútírà tàbí irin tó bo ara wáyà tó ti òde wá. Lẹ́yìn ìsopọ̀, gbogbo àdúgbò lẹ ń wọ̀n, nọ́ńbà á sì dára ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má ṣe tú ẹ́ẹ̀tì kankan lára iná tó ń ṣiṣẹ́ nítorí ìwọ̀n.

Igun sí igun òrùka jẹ́ nǹkan bí 39 mítà, píìnì iná òde sì gbọdọ̀ jìn tó ìlọ́po márùn-ún rẹ̀, nǹkan bí 200 mítà. Níbi tí ilé ti pọ̀, ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ kan ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí mọ́tò tó pọ̀, ni ẹ lè rí i. Ẹ fi píìnì fólítì sí 124 mítà, ìyẹn ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ kà á, ẹ tún kà á ní 104 àti 144. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àárín wọn ni ìdènà yín. Tí wọ́n bá ń gòkè lọ bí ẹ ṣe ń jìn, píìnì òde ṣì sún mọ́ jù. Tẹ́sítà onídẹ̀ tí a fi ń gbá wáyà mú kò lè wọn òrùka tó dá wà, nítorí iná rẹ̀ nílò ọ̀nà ilẹ̀ mìíràn láti padà.

Tí ẹ bá rí láàárín 3 àti 4 Ω, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, ojú ọjọ́, ibi tí píìnì wà àti tábìlì ìdènà ilẹ̀, kí ẹ fi lé ìwé tí NEMSA, àjọ ìjọba tó ń yẹ iṣẹ́ iná wò, máa yẹ̀ wò. Tí ẹ bá rí 8, ẹ padà sórí ìwé ìwọ̀n ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tẹ̀lé ìtẹ̀léra ni ẹ ó kọ́kọ́ gbẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, kí ẹ tún un wọ̀n lójú kan náà.